Ẹ̀jẹ̀ kan náà, iye ṣúgà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí odindi ẹ̀jẹ̀, pílásímà, sírọ̀mù àti túùbù tó dúró pẹ́ ní lábù

Ẹni tó gba èsì àyẹ̀wò ṣúgà méjì tí kò bára mu ni mo kọ èyí fún, àti ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní lábù. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó máa tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé arábìnrin kan ò jẹun láti alẹ́ àná. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní agogo méje àárọ̀, lójú iṣan apá. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ṣúgà tó wà nínú pílásímà rẹ̀ jẹ́ 130 mg/dL, èyí tó jẹ́ 7.2 mmol/L. Ààlà tí wọ́n fi ń mọ àtọ̀gbẹ lára ẹni tí kò tíì jẹun ni 126 mg/dL, ìyẹn 7.0 mmol/L, nínú pílásímà. Arábìnrin yìí ti kọjá ààlà, àmọ́ 4 péré ló fi kọjá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ jáde títí ẹ̀rọ fi kà á ló máa pinnu ohun tí dókítà yóò sọ fún un.

Kí ni odindi ẹ̀jẹ̀, kí ni pílásímà, kí sì ni sírọ̀mù?

Odindi ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ bó ṣe jáde lára: omi rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú túùbù, tí a sì fi ẹ̀rọ yí i kíákíá, àwọn sẹ́ẹ̀lì á rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè kan á sì dá dúró lókè. Omi yẹn ni pílásímà. Bí kò bá sí oògùn kankan nínú túùbù, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì. Tí a bá wá yí i, omi tó máa yọ lókè ìdì ẹ̀jẹ̀ ni sírọ̀mù. Ohun tí sírọ̀mù fi yàtọ̀ sí pílásímà ni pé ó ti pàdánù èròjà purotéènì tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti lò ó tán nígbà tí ó ń dì.

Ní ti ṣúgà, sírọ̀mù àti pílásímà kò yàtọ̀ síra rárá ní ìṣẹ́jú tí ẹ̀jẹ̀ jáde. Àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dúró kó tó dì, kí sírọ̀mù tó yọ, ló ń fa ìyàtọ̀ tí à ń rí lórí ìwé. Odindi ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀ yàtọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kódà bí a bá kà á lójú ẹsẹ̀.

Kí ló dé tí iye ti odindi ẹ̀jẹ̀ fi máa ń kéré ju ti pílásímà lọ?

Ṣúgà inú omi ló ń gbé. Ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa láìní ìdíwọ́, nítorí náà bó ṣe nípọn nínú omi pílásímà náà ló ṣe nípọn nínú omi sẹ́ẹ̀lì pupa. Àmọ́ omi tó wà nínú méjèèjì ò dọ́gba. Nínú 100 ìdá pílásímà, nǹkan bí 93 ni omi. Nínú 100 ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa, nǹkan bí 71 péré ni omi, torí hẹmoglóbìn ló gba àyè tó kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti arábìnrin wa. Ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ sórí fọ́ọ̀mù bíi PCV, jẹ́ 43. Pílásímà wá jẹ́ 57 nínú 100. Omi tó wà nínú pílásímà yẹn jẹ́ 53, omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ sì jẹ́ bíi 31. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84. Nígbà náà, 100 ìdá odindi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní omi 84, 100 ìdá pílásímà rẹ̀ sì ní omi 93. Bí ẹ bá pín 93 sí 84, ẹ ó rí 1.11.

Nọ́ńbà yìí náà ni àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò kẹ́míkà nínú ara, IFCC, fọwọ́ sí pé kí gbogbo ayé máa lò láti fi yí èsì odindi ẹ̀jẹ̀ padà sí ti pílásímà:

```
pílásímà = odindi ẹ̀jẹ̀ × 1.11
```

Nítorí náà, 130 tó wà nínú pílásímà arábìnrin wa yóò jẹ́ 117 bí wọ́n bá ka odindi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó jẹ́ irọ́.

Ṣé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yí ohun tí dókítà máa sọ padà?

Ó lè yí i padà pátápátá. Nínú ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 1999, ààlà àtọ̀gbẹ fún ẹni tí kò tíì jẹun jẹ́ 126 bó bá jẹ́ pílásímà, 110 sì ni bó bá jẹ́ odindi ẹ̀jẹ̀. Èsì 117 ti arábìnrin wa, bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà odindi ẹ̀jẹ̀, ó ti kọjá. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì gbé 117 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà pílásímà, ó máa dà bíi pé kò tíì dé ibẹ̀. Ara kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, orúkọ ohun tí wọ́n kà nìkan ló yàtọ̀.

Lóde òní, bó bá jẹ́ iye ṣúgà ni wọ́n fi ń mọ àtọ̀gbẹ, ti pílásímà ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀, mo gbà pé lábù tó bá kọ «ṣúgà» nìkan sórí èsì, tí kò kọ ohun tí ó kà, ti gbàgbé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń gún ọmọ ìka nílé ń lo odindi ẹ̀jẹ̀. Ṣé kí n máa fi 1.11 ṣe ìsọdipúpọ̀ èsì rẹ̀?

Rárá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Lóòótọ́, odindi ẹ̀jẹ̀ ló kán sórí tíríìpù. Àmọ́ àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ òde òní ti ṣe ìṣirò yẹn sínú rẹ̀, èyí tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ ti jẹ́ iye pílásímà. Bí arábìnrin wa bá rí 130 lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó tún wá fi 1.11 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò kọ 144 sílẹ̀, nọ́ńbà tí kò sí níbì kankan lára rẹ̀.

Ẹ tún rántí pé ẹ̀rọ ilé kì í ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń sọ pé ẹnìkan ní àtọ̀gbẹ. Òfin tí wọ́n fi ń dán an wò, ISO 15197 ti 2013, gbà pé kí èsì 95 nínú 100 má yà ju 15 mg/dL lọ sí ti lábù bí ṣúgà bá kéré ju 100 lọ, tàbí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bó bá jẹ́ 100 sókè. Lórí 130, ìdá 15 jẹ́ bíi 20 sókè tàbí 20 sísàlẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà dára fún ni kí ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ máa fi tọ́jú ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Bákan náà, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìka máa ń ní ṣúgà ju ẹ̀jẹ̀ iṣan apá lọ, nítorí pé ẹran ara apá ti fa díẹ̀ nínú ṣúgà náà kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Nígbà tí èèyàn ò tíì jẹun, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó ńkọ́? Àti ọmọ tuntun?

1.11 yẹ ẹni tí ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ wà ní àárín, bíi 43. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ò bá tó, tó fi jẹ́ pé PCV rẹ̀ kù sí 25, omi odindi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, ìyàtọ̀ á sì kéré: pílásímà 130 máa jẹ́ bíi 122 nínú odindi ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tuntun tí PCV rẹ̀ dé 60 jẹ́ òdì kejì, pílásímà 130 máa jẹ́ bíi 112. Èyí wà lára ìdí tí kò fi dára ká máa fi nọ́ńbà kan náà yí èsì gbogbo èèyàn padà láìwo ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa wọn, àti ìdí tí lábù fi fẹ́ràn kí ó ka pílásímà fúnra rẹ̀. Ti ọmọ tuntun tún lágbára sí i, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa jẹ ṣúgà nínú túùbù, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ọmọ tuntun kì í pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ pé sẹ́ẹ̀lì ń jẹ ṣúgà nínú túùbù. Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde lára ṣì wà láàyè ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà láàyè. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò mọ̀ pé òun ti kúrò nínú iṣan. Kò ní ohun tí yóò fi lo ọ́síjìn láti rí agbára, ṣúgà nìkan ló mọ̀ bí oúnjẹ. Ó máa ń fọ́ ṣúgà kan sí ásíìdì láktíkì méjì, ó sì ń rí agbára díẹ̀ nínú rẹ̀ tó fi ń ti sódíọ̀mù jáde, tó sì fi ń di potásíọ̀mù mú sínú. Nínú ara, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ń fi ṣúgà mìíràn rọ́pò èyí tó jẹ, nítorí náà a kì í rí àmì rẹ̀. Nínú túùbù, kò sí ẹ̀dọ̀. Ohun tó jẹ tán ti tán, kò sí ibi tí òmíràn máa gbà wọlé.

Ìgbà tí wọ́n bá ti ya sẹ́ẹ̀lì kúrò lára omi ni jíjẹ yẹn dáwọ́ dúró. Pílásímà tàbí sírọ̀mù tí kò sí sẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀, tí kòkòrò àìsàn ò sì wọ̀, kì í tún pàdánù ṣúgà lọ́nà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Báwo ló ṣe ń yára tó?

Nínú yàrá tí kò gbóná jù, tí sẹ́ẹ̀lì funfun sì wà ní iye tó yẹ, ṣúgà máa ń dín ní ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí yàrá bá gbóná, ó máa ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ arábìnrin wa, ká fi ìdá 6 ṣe é, èyí tó jẹ́ bíi 8 mg/dL ní wákàtí kan. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú túùbù ọlọ́mọrí pupa tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Olùgba-ẹ̀jẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ó jẹ́ kí ó dì fún ìṣẹ́jú 30, ó sì yí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Ní agogo méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ṣúgà ti dín bíi 5. Sírọ̀mù máa ka 125. Ẹ wò ó dáadáa: kò sẹ́ni tó ṣe àìbìkítà, síbẹ̀ ó ti bọ́ sábẹ́ ààlà.

Ká wá ní wọ́n gbé túùbù náà sórí tábìlì títí ẹni tí ń kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí lábù fi dé ní agogo mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́ta ti lọ, bíi 24 ti bá a lọ, yóò ka 106. Lójú ìlànà WHO, tó bẹ̀rẹ̀ àárín ìlera àti àtọ̀gbẹ láti 110, ara rẹ̀ le. Bó bá di agogo mọ́kànlá, yóò ka 98, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ 100 tí ẹgbẹ́ àtọ̀gbẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ADA, fi bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ tirẹ̀. Arábìnrin náà á lọ sílé pẹ̀lú ìwé tó sọ pé kò sí nǹkan kan. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀rọ ò ṣe àṣìṣe kankan. Ó ka ohun tó kù nínú túùbù ní pípé.

Ṣé sẹ́ẹ̀lì funfun náà ń jẹ nínú rẹ̀?

Wọ́n ń jẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń jẹ ju sẹ́ẹ̀lì pupa kan lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi kọbi ara sí i. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ pọ̀ jọjọ, bíi 100,000 nínú máíkúrólítà kan. Ṣúgà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú túùbù láàárín wákàtí mélòó kan. Lábù á pe wọ́ọ̀dù pé ṣúgà aláìsàn jẹ́ 25, bẹ́ẹ̀ aláìsàn jókòó, ó ń sọ̀rọ̀, kò làágùn, kò gbọ̀n. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tètè gún ọmọ ìka rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ tuntun tí wọ́n máa yí lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má fi ìgbà tí wọ́n ń ronú bóyá túùbù ló fà á ṣòfò bí aláìsàn bá ní àmì ṣúgà tó já wálẹ̀ lóòótọ́.

Túùbù ọlọ́mọrí aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń lò fún ṣúgà. Ṣé kì í dá jíjẹ yẹn dúró ni?

Ó ń dá a dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an ti ń ṣìnà, nítorí náà mo fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ dúró díẹ̀.

Oògùn méjì ló wà nínú túùbù yẹn. Potásíọ̀mù ọ́sáléètì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sódíọ̀mù fúlọ́ráìdì ló ń dáàbò bo ṣúgà. Fífọ́ ṣúgà nínú sẹ́ẹ̀lì ní ìpele mẹ́wàá kó tó di páírúféètì tó ń di ásíìdì láktíkì, ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣiṣẹ́ ní ìpele tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí fúlọ́ráìdì ń dí lọ́wọ́ ni énóléèsì, ìpele kẹsàn-án ló sì wà. Ẹ́ńsáìmù tó ń mú ṣúgà wọnú ọ̀nà náà, hẹksókínéèsì, ìpele àkọ́kọ́ ló wà, fúlọ́ráìdì ò sì dí òun lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ti ẹnu ọ̀nà ìjáde òpópó kan pa: ọkọ̀ ò lè jáde mọ́, àmọ́ ọkọ̀ á ṣì máa wọlé títí òpópó á fi kún dẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì á máa mú ṣúgà wọlé títí agbára tó kó pa mọ́ á fi tán. Ìgbà yẹn ni yóò tó dúró.

Nítorí náà, ní wákàtí àkọ́kọ́, túùbù aláwọ̀ eérú fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí túùbù tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ó lè tó wákàtí méjì sí mẹ́rin kó tó dúró tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣúgà ò ní yẹ̀ mọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ní ti arábìnrin wa, bí ṣúgà bá dín ní ìdá 5 kó tó dúró, 130 á di bíi 124. Èsì ọ̀hún á sì wà ní 124 bóyá wọ́n kà á ní agogo mẹ́wàá tàbí ní ọjọ́ kejì. Ó dára ju 106 lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, àmọ́ kò tíì jẹ́ 130, kò sì kọjá ààlà.

Ẹ má sì gbàgbé láti yí túùbù náà lórí-kodò rọra, bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kété tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó wà nísàlẹ̀ tí kò pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ kò lè dáàbò bo nǹkan kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì kéré jù nínú rẹ̀, oògùn á pọ̀ jù fún un, á fa omi jáde lára sẹ́ẹ̀lì sínú pílásímà, á sì tún mú kí èsì kéré.

Kí ló wá dára jù láti lò?

Ọ̀nà méjì ló ṣeé gbára lé. Àkọ́kọ́ ni kí a fi túùbù sínú omi tí yìnyín wà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ká sì ya pílásímà sọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30. Omi àti yìnyín pa pọ̀ ni mo wí: yìnyín nìkan láìsí omi kì í fọwọ́ kan gbogbo ara túùbù, apá kan á tutù, apá kan ò ní tutù. Báyìí ni àwọn àjọ tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ ṣe ní kí á máa ṣe é, wọn kò sì fọwọ́ sí kí á gbára lé fúlọ́ráìdì nìkan.

Ọ̀nà kejì ni túùbù tí wọ́n fi sítíréètì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúlọ́ráìdì. Sítíréètì máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan díẹ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù ìpele àkọ́kọ́ kò sì lè ṣiṣẹ́ nínú ibi kíkan. Ẹnu ọ̀nà ìwọlé ló ń tì pa, tí kò sì dúró de wákàtí kankan. Nínú irú túùbù bẹ́ẹ̀, 130 arábìnrin wa á ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 130 lẹ́yìn wákàtí méjì. Ohun kan tí lábù gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé sítíréètì olómi wà nínú àwọn kan lára túùbù wọ̀nyí. Omi yẹn ń bu ẹ̀jẹ̀ là, a sì ní láti ṣírò rẹ̀ padà bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe túùbù náà bá ṣe sọ. Bí wọn ò bá ṣe é, èsì á tún kéré láìnídìí.

Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo túùbù yìí, iye àwọn tí èsì wọn kọjá ààlà máa pọ̀ sí i, kò sì ní jẹ́ pé àìsàn ló pọ̀ sí i. Dókítà tó bá lábù ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ní yìnyín; àwa ní fíríìjì. Ṣé kò tó?

Fíríìjì ń mú jíjẹ yẹn lọ́ra, kì í dá a dúró. Ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó tutù nínú afẹ́fẹ́ fíríìjì, ju bó ṣe ń tutù nínú omi yìnyín lọ. Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ka potásíọ̀mù nínú túùbù yẹn náà, òtútù á ba ti potásíọ̀mù jẹ́. Ẹ̀rọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń di potásíọ̀mù mú máa ń dákẹ́ bí ó bá tutù, potásíọ̀mù á sì máa jò sínú omi ẹ̀jẹ̀. Túùbù ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Túùbù ọlọ́mọrí àwọ̀ ìyeyè tó ní jẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀ ńkọ́?

Bí wọ́n bá yí i láàárín àkókò, jẹ́ẹ̀lì á gòkè wá sáàárín sẹ́ẹ̀lì àti sírọ̀mù, yóò sì dí ọ̀nà fún sẹ́ẹ̀lì láti jẹ ṣúgà. Lẹ́yìn náà, sírọ̀mù lè dúró. Bí wọn kò bá tíì yí i, jẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀ lásán, kò dáàbò bo ohunkóhun, túùbù yẹn kò sì sàn ju ọlọ́mọrí pupa lọ. Yíyí i lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin kò sì lè dá ohun tí wọ́n ti jẹ padà.

Bí mo bá mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta ni túùbù fi dúró, ṣé mi ò lè fi ìdá 18 kún èsì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá 5 sí 7 jẹ́ ohun tí a rí lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnìkan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ìbà ń ṣe, sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó àti ti ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ pọ̀ kì í jẹun bákan náà. Oòrùn tó ràn wọ inú ọkọ̀ tó gbé ẹ̀jẹ̀ náà kò sì kọ ara rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Nǹkan mìíràn ni pé sẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní wákàtí, bóyá ṣúgà pọ̀ tàbí ó kéré. 10 tí ó lọ nínú 300 kò já mọ́ nǹkan kan. 10 tí ó lọ nínú 60 lè sọ èèyàn di aláìsàn lórí ìwé. Ohun tó tọ́ ni kí lábù kọ̀wé pé túùbù náà pẹ́ jù, kí wọ́n sì gba òmíràn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ láti inú èsì pé túùbù ti dúró pẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò méjèèjì: ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tí ó dé lábù. Bí kò bá sí àkókò ìgbà-ẹ̀jẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, mi ò ní fi èsì ṣúgà yẹn pinnu ohunkóhun tó wà nítòsí ààlà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn èsì tó bá a rìn. Bí túùbù bá ti dúró pẹ́ gan-an, bí láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, potásíọ̀mù àti fósíféètì á ga, ṣúgà á sì lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sírọ̀mù ò pọ́n. Àìpọ́n yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ó ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì ò bẹ́, wọ́n kàn rẹ̀ ni. Ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè má rí àmì yìí rárá, nítorí náà kí ẹ má fi àìrí rẹ̀ sọ pé túùbù dára.

Àmì mìíràn ni HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti ṣe rí lára láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Dídúró wákàtí mélòó kan kì í yí òun padà. Bí ti arábìnrin wa bá jẹ́ 6.7, tó kọjá ààlà 6.5, tí ṣúgà àárọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 106, túùbù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Mo rí potásíọ̀mù tó ga jù àti kásíọ̀mù tó kéré jù nínú èsì kan náà. Ṣé èyí náà jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan da ẹ̀jẹ̀ láti inú túùbù aláwọ̀ eérú sínú túùbù mìíràn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò tó. Potásíọ̀mù ọ́sáléètì tó bá a lọ ló gbé potásíọ̀mù ga, ọ́sáléètì náà ló sì di kásíọ̀mù mú. Ẹ má ṣe da ẹ̀jẹ̀ láti túùbù kan sí òmíràn láé.

Èsì méjì, ọjọ́ kan náà: ilé 131, lábù 108. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ má tíì gba ọ̀kan gbọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ lábù pé: túùbù wo ni ẹ lò, aago mélòó ni ẹ gba ẹ̀jẹ̀, aago mélòó ni ẹ yí i, ṣé pílásímà ni àbí sírọ̀mù? Lábù tó dáa kì í bínú sí irú ìbéèrè yìí. Bí wọ́n bá sọ pé túùbù ọlọ́mọrí pupa tí wọ́n yí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ni, ìyàtọ̀ 23 yẹn ti ní àlàyé. Bí wọ́n bá sì sọ pé inú omi yìnyín ni wọ́n fi sí, tí wọ́n yí i láàárín ìṣẹ́jú 20, ẹ̀rọ ilé ni kí ẹ fura sí: tíríìpù tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, tàbí ọwọ́ tí oje èso wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ gún un.

Bí èsì bá wà láàárín 100 sí 140, kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ mìíràn, láìjẹun, kí wọ́n sì yà á kíákíá. Èsì kan ṣoṣo kì í tó láti fi sọ pé ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan ní àtọ̀gbẹ, kódà nígbà tí wọ́n ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ.